Ṣé "a ó gba" ni àbí "a ò gba"? Bí ẹ ṣe lè to ìdáhùn àwọn olùdíje káńsù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Ṣáájú ìbò káńsù tí LASIEC, àjọ tó ń ṣètò ìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní Èkó, ṣe ní ọjọ́ 12 oṣù Keje 2025, wọ́n pe àwọn mẹ́rin tó fẹ́ jẹ alága sí gbọ̀ngàn kan ládùúgbò wa níbí ní Méńláńdì, wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè lójú gbogbo èèyàn, àwa kan sì fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni ẹnì kan bá tẹ ọ̀rọ̀ olùdíje kẹrin sórí Wásáàpù àdúgbò, ó tẹ̀ ẹ́ báyìí: "A o gba owo lowo awon alate." Kò fi àmì kankan sí i. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ìjà ti bẹ́ sílẹ̀, àwọn ìyá alátẹ kan ń gbàdúrà fún ọkùnrin náà pé ó láàánú àwọn lójú, àwọn kan ń ṣépè fún un pé kò tíì wọlé ó ti ń wo àpò àwọn, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń kà o.

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ká kàn gbọ́ ìpàdé ká wá máa sọ ohun tá a rántí, kò tó. Ohun tó tó ni kí ẹ mú ìbéèrè kan náà, kí ẹ kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn sọ lórí ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ sì lè fọwọ́ tọ́ka sí ìṣẹ́jú tó sọ ọ́ nínú ohùn náà. Bí a ṣe ṣe é nìyí, pẹ̀lú ibi tá a ti ṣubú.

Ẹ kọ́kọ́ wá ohùn tó pé

Fídíò kékeré tí wọ́n gé, tí gbogbo èèyàn ń pín kiri, ẹ má lò ó. Ẹni tó gé e ti yan ibi tó wù ú, àwọn ọmọ ẹ̀yìn olùdíje ló sì máa ń gé jù. Ẹ wá èyí tó bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí olóòtú ìpàdé ti gba máìkì títí dé ìgbà tí wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àlejò. Tiwa jẹ́ wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Tẹ́ ẹ bá lè rí méjì, ẹ gba méjì, ọ̀kan láti iwájú, ọ̀kan láti ẹ̀yìn, torí jẹnẹrétọ̀ àti àtẹ́wọ́ kì í bo ibì kan náà mọ́lẹ̀ nínú méjèèjì. Èyí tí mo fọwọ́ ara mi gbà, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo jókòó sí, jẹnẹrétọ̀ sì wà lẹ́yìn fèrèsé yẹn gan-an, ibi tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ni ó bò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó sórí ìjókòó kejì níwájú ló gbà wá sílẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbà á lórí Wásáàpù, ẹ ní kó fi ránṣẹ́ bíi fáìlì, kó yan "Document", kó má fi ránṣẹ́ bíi fídíò lásán, torí Wásáàpù máa ń fún fídíò pọ̀ kó lè kéré, ohùn á sì bà jẹ́ sí i. Ẹ tọ́jú ẹ̀ síbi méjì kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kankan.

Ẹ yan ìbéèrè tí wọ́n bi gbogbo wọn

Ẹ gbọ́ ohùn náà lẹ́ẹ̀kan láìkọ nǹkan kan ju ìbéèrè lọ. Nínú ìpàdé tiwa, olóòtú béèrè nǹkan bíi mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n mẹ́ta péré ló bi gbogbo àwọn tó wà lórí ìjókòó pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà: owó tí káńsù ń gbà lọ́wọ́ àwọn alátẹ etí títì, gọ́tà, àti ilé ìwòsàn alábọ́dé àdúgbò, bóyá nọ́ọ̀sì máa wà níbẹ̀ lálẹ́. Àwọn mẹ́fà yòókù, ẹnì kan tàbí ẹni méjì ló dáhùn wọn. Ẹ yọ wọ́n kúrò. Tẹ́ ẹ bá fi ìbéèrè tí wọ́n bi ẹnì kan ṣoṣo sínú ṣíìtì, àwọn tó kù á dà bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ wọn ò bi wọ́n.

Ohun kejì tá a wò ni pé ṣé iṣẹ́ káńsù ni. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sínú àfikún ẹ̀ kẹrin, ọjà wà níbẹ̀, ibùdókọ̀ wà níbẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbò, gọ́tà àti ojú ọ̀nà àdúgbò náà wà níbẹ̀, ó sì ní kí ìjọba ìbílẹ̀ bá ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ sí ọ̀rọ̀ ìlera. Nítorí náà ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn bá ipò tí wọ́n ń dù mu. Ká ní ìbéèrè náà dá lórí iná mànàmáná ni, ohun yòówù kí wọ́n fi dáhùn, ọwọ́ alága káńsù ò débẹ̀, mi ò ní fi àyè ṣòfò lórí ẹ̀.

Ẹ kọ ìbéèrè náà sílẹ̀ bí olóòtú ṣe bi í gan-an. Tọ́rọ̀ owó alátẹ, bó ṣe bi í nìyí: "Tẹ́ ẹ bá wọlé, ṣé káńsù yín máa gba owó lọ́wọ́ àwọn alátẹ etí títì, èló ni, àti pé ta ló máa gbà á?" Ẹ wò ó dáadáa, ìbéèrè mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀. Ṣé wọ́n máa gbà á, iye ẹ̀, ẹni tó máa gbà á. Ìyẹn la máa fi wọn ìdáhùn wọn.

Kíkọ ohun tí wọ́n sọ

Ibí ni iṣẹ́ wà o, ẹ má kánjú. Ẹ fa ìlà sínú ìwé ńlá tàbí lórí kọ̀ǹpútà, ìbéèrè lápá òsì, olùdíje mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lókè ní títò bí wọ́n ṣe jókòó. Mo fi nọ́ńbà pè wọ́n nígbà tá à ń ṣiṣẹ́, Kìíní, Kejì, Kẹta, Kẹrin, mi ò kọ orúkọ ẹgbẹ́ wọn sí i, torí mo mọ ara mi, tí mo bá rí orúkọ ẹgbẹ́ kan ọwọ́ mi á fẹ́ tẹ̀ síbì kan. Ìgbà tá a parí la fi orúkọ sí i.

Fún àpótí kọ̀ọ̀kan ẹ kọ nǹkan mẹ́ta. Ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Gbólóhùn tó sọ gan-an, pẹ̀lú èdè tó fi sọ ọ́, tó bá jẹ́ Píjìn ẹ kọ Píjìn, ìtumọ̀ lè wà lábẹ́ ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni gbólóhùn kúkurú kan láti ẹnu yín tó sọ ibi tó dúró sí.

Ẹ jẹ́ ká wo owó alátẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó lè yé yín.

Kìíní, ní 14:20, ó ní: "Alátẹ ni ìyá tó bí mi, mo mọ̀ ọ́n, òjò ń pa wọ́n, oòrùn ń pa wọ́n. Mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fìyà jẹ yín mọ́ nínú ìjọba ìbílẹ̀ yìí." Gbọ̀ngàn hó yèè. Èmi náà pàtẹ́wọ́, ẹ gbọ́ ọ nínú ohùn. Àmọ́ nígbà tí mo jókòó tì í nílé, mo wá gbólóhùn tó ti sọ pé òun máa gba owó tàbí òun ò ní gbà á, kò sí. Mo tún gbọ́ ìṣẹ́jú méjèèjì tí wọ́n fún un látòkèdélẹ̀, kò sí níbì kankan. Kò sọ iye, kò sọ ẹni tó máa gbà á. Ohun tó wọ inú àpótí ẹ̀ ni: "Kò dáhùn. Ó sọ pé ẹnikẹ́ni ò ní fìyà jẹ àwọn alátẹ." Ẹ má bá a parí ọ̀rọ̀ ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó wà níbẹ̀ máa búra fún yín pé ó ní òun ò ní gba owó, wọn ò parọ́, ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ni etí wọn bá wọn gbọ́.

Kejì, ní 17:05: "A máa gba owó o, mi ò ní tàn yín, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni, rìsíìtì sì máa wà. Ẹni tí ò bá ní rìsíìtì lọ́wọ́, ẹ má san fún un." Èyí ò le rárá. Ó máa gbà á, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, pẹ̀lú rìsíìtì. Kò sọ iye, kò sọ ẹni tó máa gbà á, ẹ kọ ìyẹn náà. Wọ́n hó lé e lórí nínú gbọ̀ngàn, bẹ́ẹ̀ òun ló dáhùn jù nínú àwọn méjì tó ti sọ̀rọ̀.

Kẹta, ní 19:40: "Tí owó wa bá ń wọlé tààrà láti Àbújá, a ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ alátẹ." Ẹ má kọ "kò ní gbà á" kẹ́ ẹ sì fi síbẹ̀. "Tí" wà níbẹ̀. Ohun tó ń sọ ni ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, tó ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà. Ó so ìlérí ẹ̀ mọ́ nǹkan tí kò sí lọ́wọ́ òun nìkan, nítorí náà ohun tó wọ àpótí ẹ̀ ni: "Kò ní gbà á, tí owó bá ń wọlé tààrà láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Kò sọ ohun tó máa ṣe tí kò bá wọlé." Gbólóhùn kejì yẹn ṣe pàtàkì, torí ẹni tó bá kà á máa mọ ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi í nígbà tó bá wá tọrọ ìbò lẹ́nu ọ̀nà wọn.

Ó wá ku Kẹrin.

Ní 22:10 nínú ohùn tèmi, jẹnẹrétọ̀ ń han, mo gbọ́ "a", mo gbọ́ nǹkan kan tó dún bí "o", mo gbọ́ "gba owó lọ́wọ́ àwọn alátẹ". Ẹ̀yin náà ẹ pè é lẹ́nu. "A ó gba owó," á gbà á nìyẹn. "A ò gba owó," kò gbà á nìyẹn. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ló pín wọn níyà, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ sórí Wásáàpù láìfi àmì sí i sì gbé ìyàtọ̀ yẹn sọ nù pátápátá.

Ohun tá a ṣe rèé. A dín eré ohùn náà kù sí 0.75 lórí VLC, a ò jẹ́ kó falẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ torí ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fà bíi ti ọ̀mùtí. Lẹ́yìn náà a pa ọ̀rọ̀ tì, a kàn ń hùn ún bí orin, bí wọ́n ṣe kọ́ wa níléèwé. "A ò gba" jẹ́ re dò re, á lọ sílẹ̀ láàárín. "A ó gba" jẹ́ re mí re, á gòkè láàárín. Mo hùn ún nígbà mẹ́ta, ó jọ pé ó gòkè, àmọ́ mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà. A wá mú ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin iwájú yẹn, tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tèmi díẹ̀ nítorí náà 21:32 ló bọ́ sí níbẹ̀, ó sì mọ́ ketekete: "a ó", ó gòkè.

Síbẹ̀ mi ò dúró lórí ìyẹn nìkan, mo ní ká wo gbólóhùn tó tẹ̀ lé e. Ó ní: "…kẹ́ ẹ lè rí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́ lò, kẹ́ ẹ má máa wọ ilé onílé kiri." Tí kò bá gba owó, kí ni "kẹ́ ẹ lè rí" ń wá níbẹ̀? Owó náà ló fẹ́ fi ṣe é. Ohun mìíràn tún wà tí ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa máa tètè rí: ẹni tó ń ṣèlérí pé òun ò ní gba owó tí òun bá dépò, "a ò ní gba" ló máa sọ bíi ti Kẹta, "ní" máa wà níbẹ̀. "A ò gba" lásán, ọ̀rọ̀ ohun tó ń lọ lọ́wọ́ tàbí èyí tó ti kọjá ni, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin yìí ò tíì wà nípò kankan tó fi lè gba owó tàbí kó má gbà á. Nítorí náà nǹkan mẹ́ta ló sọ ọ́ fún wa, ohùn iwájú, gbólóhùn tó tẹ̀ lé e, àti "ní" tí kò sí. Ohun tó wọ àpótí ẹ̀: "Ó máa gbà á, ó ní òun máa fi ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kò sọ iye, kò sọ ẹni tó máa gbà á."

Ká ní a ò rí ohùn kejì yẹn ńkọ́, tí gbólóhùn tó tẹ̀ lé e náà ò sì là wá lójú? Á jẹ́ pé "Ohùn ò já geere ní 22:10" ni mo máa kọ, tí mo máa fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí láti fi àpótí sílẹ̀ láìkún, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ bá fi sẹ́nu olùdíje kì í ṣe ọ̀rọ̀ olùdíje mọ́.

Látọjọ́ yẹn, gbogbo "o" tó bá wà nínú ṣíìtì mi ló ní àmì. Tí fóònù yín ò bá lè fi àmì sí i, ẹ kúkú kọ "máa gbà á" tàbí "kò ní gbà á", ìyẹn ò lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ tó jọ ìlérí tí kì í ṣe ìlérí

Gọ́tà ló kọ́ mi ní èyí. Ìbéèrè náà ni pé ṣé wọ́n máa gbẹ́ gọ́tà àwọn òpópónà inú kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹ gbọ́ ìdáhùn wọn: Kìíní ní "mo máa gbẹ́ wọn ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹta." Kejì ní "ó yẹ kí wọ́n ti gbẹ́ gọ́tà yẹn tipẹ́." Kẹta ní "a máa wò ó." Kẹrin ní "kánààlì tó wà lẹ́yìn ọjà ni mo máa kọ́kọ́ gbẹ́."

Kìíní nìkan ló sọ ohun tí òun fúnra ẹ̀ máa ṣe àti ìgbà tó máa ṣe é. "Ó yẹ kí wọ́n" ti Kejì, ta ni "wọ́n"? Ó ń dá ẹlòmíràn lẹ́bi, kò sọ pé òun máa ṣe é. "A máa wò ó", gbogbo wa la mọ ohun tó túmọ̀ sí tí bàbá bá sọ ọ́ fún ọmọ tó ń béèrè bàtà ọdún. Mo kọ "kò dáhùn" fún àwọn méjèèjì, mo sì fi gbólóhùn wọn síbẹ̀ kí ẹni tó bá kà á fúnra ẹ̀ rí i. Nítorí náà nígbà tẹ́ ẹ bá ń gbọ́, ẹ wá ẹni tó máa ṣe nǹkan nínú gbólóhùn náà, ṣé "mo" ni, ṣé "a" ni, ṣé "wọ́n" ni, ṣé "ìjọba" ni, kẹ́ ẹ tún wo bóyá "máa" ló lò tàbí "yẹ", tàbí "lè", tàbí "gbìyànjú".

Ti Kẹrin ló gba àròjinlẹ̀. Ó ṣèlérí lóòótọ́, àmọ́ àwọn kánààlì ńlá tó ń gbé omi gba àárín àdúgbò kọjá, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń bójú tó wọn ní Èkó, gọ́tà ẹnu ọ̀nà wa ni ti káńsù. Mo kọ ohun tó sọ sínú àpótí bó ṣe wà, mi ò fi ọ̀rọ̀ tèmi kún un, àmọ́ mo fi ìlà kan sísàlẹ̀ ṣíìtì náà tó sọ iṣẹ́ ẹni tí kánààlì jẹ́. Àpótí jẹ́ ti olùdíje. Tẹ́ ẹ bá ní àlàyé, ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí, lábẹ́ orúkọ yín.

Ẹni tí wọn ò bi yàtọ̀ sí ẹni tí kò dáhùn

Èyí ò gùn. Nígbà tí wọ́n dé orí ilé ìwòsàn, Kẹta ti dìde lọ, ó ní òun ní ìpàdé mìíràn ní Èbúté Mẹ́ta. Tí mo bá kọ "kò dáhùn" síbẹ̀, irọ́ ni mo pa mọ́ ọn, tí mo bá sì fi àpótí ẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, èèyàn á rò pé mo gbàgbé ni. Mo kọ "Ó ti lọ kí wọ́n tó béèrè, 58:00." Tó bá jẹ́ pé olóòtú ló fò ó, ẹ kọ "Wọn ò bi í." Àwọn mẹ́ta tó kù, Kìíní àti Kejì ní nọ́ọ̀sì máa wà lálẹ́, Kẹrin ní "mo fara mọ́ ohun tí ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi sọ," bẹ́ẹ̀ náà ni mo kọ ọ́, pé ó fara mọ́ ti Kejì, mi ò da ọ̀rọ̀ Kejì kọ bí ẹni pé tirẹ̀ ni.

Ẹ fún ẹlòmíràn kó ṣe é láìrí tiyín

Mo gbé ohùn náà àti ṣíìtì òfìfo lọ bá ìyá kan ládùúgbò wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Màmá Tíṣà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Mi ò fi tèmi hàn wọ́n. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà a to méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àpótí méjìlá ló wà, mẹ́ta ni ò bára mu. Ọ̀kan nínú ẹ̀ ni ti Kejì lórí gọ́tà, èmi ti kọ́kọ́ kọ "ó máa gbẹ́ ẹ".

Màmá ní, "Ọmọ mi, níbo ló ti sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ̀yin mà, ẹ gbọ́ bó ṣe ń bínú sí gọ́tà yẹn, ṣé kò ní gbẹ́ ẹ ni?"

Wọ́n ní, "Èmi náà ń bínú sí i, ṣé èmi ló máa gbẹ́ ẹ? Tún un gbọ́."

Mo tún un gbọ́ níwájú wọn, mo sì pa á rẹ́. Òfin tá a fi parí èdèkòyédè ni pé ẹni tó bá sọ pé olùdíje gba nǹkan kan, kó fọwọ́ tọ́ka sí ìṣẹ́jú tó sọ ọ́. Tí kò bá lè tọ́ka sí i, àpótí náà á padà sí "kò dáhùn". Ẹ wá ẹni tí kì í ṣe ẹgbẹ́ kan náà pẹ̀lú yín, ó dáa jù bẹ́ẹ̀. Màmá Tíṣà àti èmi ò jọ dìbò fún ẹnì kan náà rí.

Ẹ fi han àwọn olùdíje, kẹ́ ẹ tó pín in

Ẹ fi àwọn àpótí tiẹ̀ nìkan ránṣẹ́ sí olùdíje kọ̀ọ̀kan tàbí ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ fún un ní ọjọ́ méjì. Àwa gba èsì méjì nínú mẹ́rin. Ẹni tó ń ṣojú Kìíní ní ká yí "kò dáhùn" padà sí "kò ní gba owó alátẹ", ó ní ohun tí ọ̀gá òun ní lọ́kàn nìyẹn. A ò yí i padà, torí ohun tó wà lọ́kàn ò sí nínú ohùn. Ṣùgbọ́n a kọ ọ́ sí ìlà mìíràn lábẹ́ àpótí náà: "Lẹ́yìn ìpàdé, aṣojú rẹ̀ ní kò ní gbà á," pẹ̀lú ọjọ́ tó sọ ọ́. Báyìí, ẹni tó bá kà á rí ohun tó sọ lójú ìta àti ohun tí wọ́n bá a sọ lẹ́yìn, méjèèjì ò dàpọ̀. Ẹni tó bá sì fi hàn yín pé ẹ gbọ́ nǹkan ṣì, tí ohùn náà gbè é lẹ́yìn, ẹ tún un ṣe kíákíá.

Pípín in

Ìlà owó alátẹ bó ṣe jáde nígbẹ̀yìn nìyí:

Kìíní: Kò dáhùn. Ó ní ẹnikẹ́ni ò ní fìyà jẹ alátẹ. (14:20) Lẹ́yìn ìpàdé, aṣojú rẹ̀ ní kò ní gbà á.
Kejì: Ó máa gbà á, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, pẹ̀lú rìsíìtì. Kò sọ iye, kò sọ ẹni tó máa gbà á. (17:05)
Kẹta: Kò ní gbà á, tí owó bá ń wọlé tààrà láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Kò sọ ohun tó máa ṣe tí kò bá wọlé. (19:40)
Kẹrin: Ó máa gbà á, fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kò sọ iye, kò sọ ẹni tó máa gbà á. (22:10)

Ẹ rí i pé gígùn wọn ò jìnnà síra. Tẹ́ ẹ bá kọ ìlà méje fún ẹnì kan tẹ́ ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún ẹlòmíràn, ẹ ti ń polongo ìbò nìyẹn. Ẹ má fi máàkì sí i, ẹ má kùn ún ní àwọ̀ ewé àti pupa, torí alátẹ kan lè fẹ́ ẹni tó máa gba owó kó ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹnì kejì lè má fẹ́ san kọ́bọ̀, àwọn fúnra wọn ló máa mọ èyí tó dáa fún wọn.

A tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kan ṣoṣo, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu géètì gbọ̀ngàn àti síbi tí wọ́n ti ń ta omi nínú ọjà. Fún àwọn ìyá tí kì í ka ìwé, Màmá Tíṣà kà á sínú fóònù, ohùn kan náà, eré kan náà fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìbéèrè kan fún ohùn kan, kò sí èyí tó ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ohùn yẹn ló rìn jù lọ nínú gbogbo ẹ̀, torí nígbà tí Màmá dé orí Kẹrin, wọ́n pè é jáde ketekete, "ó máa gbà á", ẹnikẹ́ni ò sì tún bèèrè bóyá ohùn òkè ni àbí ìsàlẹ̀. Ohùn ìpàdé tó pé náà wà lọ́wọ́ wa títí di báyìí, ẹni tó bá wá bá wa pé òun fẹ́ gbọ́ 22:10 fúnra òun, a máa ń ṣí i fún un.